Báwo ni ẹ ṣe ń yẹ iṣẹ́ àmúrelé Yorùbá wò fún ọmọ tí kì í sọ Yorùbá nílé?

Tísà Tanke: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ kíláàsì mi ń sọ nílé. Ohun tí ọ̀kan kọ wá rèé:

1. Mo jẹ́ ebi.
2. Mi màmá àgbà ra pupa aṣọ. Ó ti lọ sí ọjà.
3. Ogún ọmọ wá.
4. Àwọn ọmọ ni ó fọ́ àwo.

Mo ti fi bírò pupa fa gbogbo rẹ̀. Èwo ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe?

Alàgbà Ọ̀fà: Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ti tú Gẹ̀ẹ́sì ní tààrà, torí àtúnṣe ibẹ̀ lè yí olùwà gbólóhùn padà. "Mo jẹ́ ebi" á di "Ebi ń pa mí." Ebi ló di olùwà, "mo" sì di "mí" lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹni tó bá ti ń ṣàtúnṣe sí "mo" tẹ́lẹ̀ ti ṣiṣẹ́ òfo. Lẹ́yìn náà, ẹ to ọ̀rọ̀: "Màmá àgbà mi ra aṣọ pupa." Arọ́pò-orúkọ ló kẹ́yìn. Àgbàlagbà ni wọ́n, nítorí náà "Wọ́n ti lọ sí ọjà," bó tilẹ̀ jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ pa ìlà pupa orí 3 àti 4 rẹ́ ní tiwọn.

Ìyá Barakat: Ọmọ tèmi náà o! Ní ilé-kéú, ó máa ń da akọ pọ̀ mọ́ abo nínú Lárúbáwá. Ṣé báyìí náà ni?

Alàgbà Ọ̀fà: Ìyẹn yàtọ̀, màmá. "Ó" tiwa kì í ya akọ sọ́tọ̀ sí abo. Ní ti Lárúbáwá, kó máa fa ìlà láti ara ọ̀rọ̀-orúkọ dé ara ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe rẹ̀, kó wò ó bóyá wọ́n bára mu.

Tísà Òmù-Àrán: Ẹ má pa ìlà kankan rẹ́! Ọmọ méjì, ọmọ mẹ́wàá: oǹkà ló ń gbẹ̀yìn. Ní 4, ọmọ pọ̀, "wọ́n" ló yẹ.

Alàgbà Ọ̀fà: Bẹ́ẹ̀ ló rí títí dé mọ́kàndínlógún. Àmọ́ ogún, ọgbọ̀n àti ogójì máa ń ṣíwájú: ogún ọmọ, ogójì ọjọ́. Tó bá di 21, ó tún padà sẹ́yìn: ọmọ mọ́kànlélógún. Ibẹ̀ gan-an ni àwa olùkọ́ ti ń gé máàkì ọmọ tó gbà á. Ní ti 4, "ó" tó tẹ̀lé "ni" kì í wo iye: "Èmi ni ó ṣe é," "Àwa ni ó ṣe é." Gbólóhùn tó bá tẹ̀ lé e ni kí ẹ ṣọ́. Bó bá kọ "Ó sá lọ" nípa àwọn ọmọ yẹn, ó ti ṣì í. "Wọ́n sá lọ" ni.

Tísà Òmù-Àrán: Ti ogún yé mi. Ṣùgbọ́n "Àwọn ọmọ ni wọ́n fọ́ ọ" ni gbogbo ayé ń sọ.

Alàgbà Ọ̀fà: Wọ́n ń sọ ọ́, n kì í sì í gé e. Èyí tí ọmọ yìí kọ náà ò ṣeé gé.

Tísà Òmù-Àrán: Èmi ó gé e o.

Tísà Tanke: Mo ti pa ti 3 rẹ́. Màá bi ọ̀gá tó ń ṣètò ìdánwò wa léèrè kí n tó fọwọ́ kan 4.