Ímeèlì tó ń ṣáájú ìwé tẹ́ńdà: ẹ sọ bó ṣe rí fún yín

Alága Wẹ́dà, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Tábìlì àti àga akẹ́kọ̀ọ́ ni a ń ṣe ní sọ́ọ̀bù wa. Àjọ aláàánú kan pe tẹ́ńdà fún 600 tábìlì pẹ̀lú àga wọn, kí a kó wọn lọ sí ilé-ìwé mẹ́ta ní Ìsẹ́yìn, Ṣakí àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ímeèlì ni wọ́n ní ká fi ránṣẹ́, iṣẹ́ náà sì bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń kọ "ẹ wo fáìlì tí mo so mọ́ ọn" nìkan, kó sì tẹ bọ́tìnnì. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ sọ bí mo ṣe kọ tèmi.

Nọ́ńbà tẹ́ńdà wọn ni mo kọ sí àkọlé, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, kí n tó fi orúkọ ilé-iṣẹ́ wa tẹ̀ lé e. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, àmọ́ bó ṣe lọ nìyí:

> A fi iye owó wa ránṣẹ́ fún 600 tábìlì àti àga. Tábìlì kan pẹ̀lú àga rẹ̀ jẹ́ ₦38,500, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦23,100,000. VAT 7.5% jẹ́ ₦1,732,500. Àpapọ̀ jẹ́ ₦24,832,500. Owó ọkọ̀ dé ilé-ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà nínú rẹ̀. Iye yìí kò ní yí padà fún 90 ọjọ́ láti ọjọ́ tí ẹ bá ti tẹ́ńdà pa.
>
> Sọ́ọ̀bù wa ń parí 30 lójúmọ́. Irin fún 200 wà nílẹ̀ báyìí. Ọkọ̀ wa ń kó 150 lẹ́ẹ̀kan. A ó kó gbogbo rẹ̀ dé láàárín ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn tí ìwé àṣẹ yín bá tẹ̀ wá lọ́wọ́.
>
> Àwọn ìwé tí ẹ béèrè wà nínú fáìlì kejì, bí ẹ ṣe tò wọ́n: CAC, ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún 3, PenCom, ITF, NSITF, àti lẹ́tà báńkì. PenCom, ITF àti NSITF ń ṣiṣẹ́ títí di 31 Oṣù Kejìlá.

CAC ni ti ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́, PenCom ti owó ìfẹ̀yìntì, ITF ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, NSITF sì jẹ́ ti òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Orúkọ mi, ipò mi àti nọ́ńbà fóònù ló kù. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ á rí i pé 600 ní ọgbọ̀n-ọgbọ̀n jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ 20, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 4. Mo fi ọ̀sẹ̀ 2 kún un torí àsìkò òjò ni, ọ̀dà kì í tètè gbẹ, ọkọ̀ á sì lọ bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹni tó bá kọ ọ̀sẹ̀ 4 torí kó lè wu ẹni tó fẹ́ ra ọjà, owó ìtanràn ìdádúró ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pè.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Ẹ ṣé gan-an, sà. Mo fẹ́ fi irú lẹ́tà yìí wá iṣẹ́ sí báńkì kan. Ṣé kí n kọ owó oṣù tí mo fẹ́ sí i ni?

Alága Wẹ́dà, Ìbàdàn

Àbúrò, ti tẹ́ńdà là ń sọ, kì í ṣe ti wíwá iṣẹ́. Ọlọ́run á ṣe é fún ọ o.

Bàbá Ọlọ́dà

Ẹ kú oríire, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń du iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé a kì í kọ iye owó sínú ímeèlì láéláé. Inú fọ́ọ̀mù iye owó nìkan ló ń gbé. Ẹni tó bá kọ ọ́ síta, wọ́n á fi iye rẹ̀ han ẹlòmíì.

Àǹtí Ìra-Ọjà

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ mi ni láti máa ṣí àwọn ímeèlì wọ̀nyí. Òótọ́ wà nínú ohun tí Bàbá Ọlọ́dà sọ, àmọ́ kò kan gbogbo tẹ́ńdà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi ìwé iṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́tọ̀, kí ẹ fi ti owó ránṣẹ́ lọ́tọ̀, ìyẹn àpòòwé méjì, iye owó kò gbọ́dọ̀ hàn nínú ímeèlì rárá. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo bóyá ẹ lè ṣe iṣẹ́ náà kí a tó mọ iye tí ẹ fẹ́ gbà. Bó bá ti fojú hàn ṣáájú, wọ́n lè yọ yín kúrò. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń wọlé, bíi ti Alága, ẹ kọ ọ́. Ó ń ràn wá lọ́wọ́.

Bí mo bá ṣí ímeèlì, àpapọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ìwé iye owó, mo lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, mo fi wé ti ímeèlì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: VAT wà nínú ọ̀kan, kò sí nínú èkejì, tàbí kí wọ́n tún iye owó ṣe lálẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn láì tún ímeèlì ṣe. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n buwọ́ lù la máa ń gbà. Nínú fọ́ọ̀mù náà, bí iye ẹyọ kan bá tako àpapọ̀, iye ẹyọ la sábà máa ń mú, a ó sì tún àpapọ̀ ṣírò. Ẹ rò ó wò bí ẹ bá tẹ 35,800 dípò 38,500: mílíọ̀nù kan àti ₦620,000 ló lọ yẹn, kí VAT tó dé.

Ẹ tún wo bí fáìlì yín ṣe tóbi tó. Gmail kì í jẹ́ kí ẹ fi ohun tó ju 25MB lọ ránṣẹ́, fáìlì sì máa ń wú sí i bí ìdá kan nínú mẹ́ta nígbà tí ímeèlì bá ń gbé e lọ. Fáìlì 20MB lè má kọjá. Fóònù ni ọ̀pọ̀ fi ń ya àwòrán sètífíkéètì, ojú ìwé kan á sì wúwo bí òkúta. Ẹ dín in kù, ẹ sì sọ fáìlì ní orúkọ tó yé èèyàn, bíi `02_Compliance.pdf`, ẹ má fi `scan0047.pdf` ránṣẹ́.

Ìyá Olóúnjẹ, Abẹ́òkúta

Tèmi kì í ṣe ti àga o, oúnjẹ ìpàdé ni. Mo kọ ọ́ sínú ímeèlì pé a lè gbé oúnjẹ èèyàn 400 kalẹ̀ lójúmọ́. Wọn ò pè mí lórí fóònù, ṣe ni wọ́n wá wo ilé ìdáná láì sọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ka ìkòkò, wọ́n ka àdògán, wọ́n béèrè jẹnẹrétọ̀. Inú mi dùn pé ohun tó wà nílẹ̀ ni mo kọ. Látìgbà náà ni mo ti ń kọ ohun tí wọ́n lè fojú rí: iye ìkòkò ńlá, iye òṣìṣẹ́, àti iṣẹ́ kan tí a ti ṣe tó tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ọlọ́dà

Ẹ ṣé, Àǹtí. Mo gbọ́ ti àpòòwé méjì yẹn. Èmi ṣì máa fi iye owó pamọ́.

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà, Ìkẹjà

Ìbéèrè mi ni ti Oṣù Kìíní. PenCom, ITF àti NSITF kú ní 31 Oṣù Kejìlá, tẹ́ńdà kan sì parí ní ọ̀sẹ̀ kejì ọdún. Mo ti sanwó, ìwé tuntun kò tíì jáde. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ láì fi bò pé a ti béèrè, mo so ìwé ẹ̀rí owó tí a san àti ti ọdún tó kọjá mọ́ ọn. Ilé-iṣẹ́ kan gbà á. Òmíràn yọ wá kúrò.

Àǹtí Ìra-Ọjà

Ohun tí wọ́n kọ sínú ìpè wọn ló ń pinnu rẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n bá kọ pé ìwé tí kò tíì kú nìkan, ọwọ́ wa ti di. Bí wọn ò bá sọ ọ́, ẹ bi wọ́n léèrè kí ọjọ́ ìbéèrè tó kọjá, kí èsì sì wà ní kíkọ.

Alága Wẹ́dà, Ìbàdàn

Ọ̀rẹ́ mi kan kọ "wọ́n wà pẹ̀lú ìwé yìí" láì sọ pé àwọn sètífíkéètì rẹ̀ ti kú, ó ní kí àwọn tó pe tẹ́ńdà rí i fúnra wọn. Wọ́n rí i lóòótọ́. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní àṣejù ni tèmi.