Wọ́n ń tẹ líǹkì ṣọ́ọ̀bù mi lórí máàpù, wọn ò dé ìkànnì mi

Aránṣọ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù mi ti wà lórí Google Maps. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àkókò tí a ń ṣí, gbogbo rẹ̀ ló pé. Láìpẹ́ yìí ni mo ní kí wọ́n bá mi kọ́ ìkànnì tuntun tí èèyàn ti lè wo àwọn aṣọ tí mo ti rán. Mo rò pé àwọn tó ń rí mi lórí máàpù á máa yà síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò yà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, mo wo abẹ́ Performance, ó ní àwọn èèyàn ń tẹ Website. Níbo ni wọ́n wá ń gbà lọ? Oníbàárà kan ló fi àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: adírẹ́sì kan tó parí sí `business.site` ló ṣí fún un, òfo sì ni.

Onímáàpù: Ó yé mi. Nígbà kan, Google máa ń fún oníṣọ́ọ̀bù ní ìkànnì kékeré kan lọ́fẹ̀ẹ́, adírẹ́sì rẹ̀ ló sì ń wà nínú àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Oṣù kẹta ọdún 2024 ni wọ́n ti àwọn ìkànnì náà pa. Títí di ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún náà, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ṣì ń bọ́ sórí àkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn ìyẹn, ó parí. Ìkànnì tuntun tí ẹ kọ́ ò kan máàpù, àfi tí ẹ bá sọ fún un. Ẹ fi àkáǹtì tí ẹ fi ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù wọlé, ẹ wá orúkọ ṣọ́ọ̀bù lórí Google, ẹ tẹ Edit profile, kí ẹ lọ sí Contact. Ẹ pa èyí tó wà ní Website rẹ́, ẹ fi tuntun sí i. Wọ́n lè kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó hàn. Tó bá ti hàn, fóònù ẹlòmíràn ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ wò.

Atúnfóònùṣe: Kí la ń da ara wa láàmú fún? Ojú ewé Facebook mi ni mo fi síbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ṣe pàtàkì ni pé kí nọ́ńbà orí ìkànnì àti ti máàpù bára mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á yọ ṣọ́ọ̀bù yín kúrò.

Onímáàpù: Ẹ̀gbọ́n, apá kan ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà. Tí nọ́ńbà méjèèjì ò bá dọ́gba, ìyẹn nìkan ò ní kí wọ́n yọ yín, ṣùgbọ́n wọ́n lè fi èyí tí wọ́n rí níbòmíràn rọ́pò tiyín. Ohun tó sábà ń kó bá àwọn èèyàn ni kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ tí kò sí lára pátákó ṣọ́ọ̀bù kún orúkọ. Ní ti Facebook, ìlànà wọn ò fẹ́ irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ níbi Website. Wọ́n ní àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀ nínú Contact yẹn náà.

Olùtajà bàtà: Ẹ̀yin ti dé ibi líǹkì, èmi ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Fídíò ni wọ́n ní kí n ṣe kí wọ́n lè mọ̀ pé èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù. Kí ló yẹ kó hàn níbẹ̀?

Aránṣọ: Ẹ yà á lẹ́ẹ̀kan náà láìdá a dúró, ẹ má sì gé e. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìta kí orúkọ òpópónà tàbí ilé tó wà nítòsí hàn, kí ẹ wá sún mọ́ pátákó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ wọlé síbi ọjà àti irinṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ló fi hàn pé ẹ kì í ṣe ẹni tó ń kọjá lọ. Ẹ má jẹ́ kí ojú oníbàárà wà níbẹ̀.

Onímáàpù, mo ti pààrọ̀ líǹkì náà, àwọn èèyàn sì ti ń wọlé. Ṣùgbọ́n Direct ni wọ́n pe ọ̀pọ̀ nínú wọn níbi tí mo ti ń ka àlejò ìkànnì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ àwọn tó ti orí máàpù wá?

Onímáàpù: Ẹ so àmì mọ́ ìdí adírẹ́sì náà, kí ẹ fi orúkọ ìkànnì yín rọ́pò `example.com`:

```
https://example.com/?utm_source=google&utm_medium=organic&utm_campaign=maapu
```

Ojú ewé kan náà ló máa ṣí, àmọ́ `maapu` á máa hàn nínú ìṣirò yín. Ẹ má fi líǹkì gígékúrú tó ń darí èèyàn kiri bò ó o.

Atúnfóònùṣe: Ṣọ́ọ̀bù méjì ni mo ní, ìkànnì kan. Mo ti ń kọ́ ọ lọ́wọ́, kí ẹ má bàa tún mú Facebook mi. Ṣé ojú ewé àkọ́kọ́ ni kí n fún àwọn méjèèjì?

Onímáàpù: Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀, pẹ̀lú adírẹ́sì àti nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wá síhìn-ín kò gbọ́dọ̀ pe ọ̀hún.

Olùtajà bàtà: Ẹni tó kọ́ ìkànnì fún mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ojú ewé àkọ́kọ́ ni Google mọ̀ jù, òun ló sì lè gbé ṣọ́ọ̀bù sókè nínú àbájáde.

Onímáàpù: Mo ti rí i tó rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan, mo sì ti rí òdìkejì rẹ̀. Tèmi ni pé kí oníbàárà kọ́kọ́ rí ilẹ̀kùn tó ń wá ná.