Ẹ wá sọ bí ẹ ṣe kọ èsì oko àfihàn yín fún ọ́fíìsì: tiwa rèé láti Ọ̀jọ́

Ìyá Ìbejì Ọ̀jọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́. Ẹni tó bá ti ṣe oko àfihàn fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n rí, kó jọ̀ọ́ wá sọ bó ṣe kọ èsì rẹ̀. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi tiwa ránṣẹ́ ni, ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù yẹn ò sì tíì kúrò lọ́kàn mi.

Tẹ̀tẹ̀ la gbìn, lórí ilẹ̀ iyanrìn tí ẹgbẹ́ wa ń dá oko sí lẹ́bàá ọ̀nà Àgbádárìgì. Ohun tí ọ́fíìsì fẹ́ mọ̀ ni èyí tí yóò mú ẹ̀fọ́ wá jù láàárín ìgbẹ́ adìyẹ àti ajílẹ̀ oníkóró 15-15-15. Ibi mẹ́ta la yàn nínú oko náà: ìkíní wà lẹ́bàá kànga, ìkejì wà láàárín, ìkẹta wà nísàlẹ̀ níbi tí omi òjò ti máa ń dúró. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin la kọ sí ibi kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 5, ó sì fẹ̀ ní mítà 1. Bẹ́ẹ̀dì kan ò gba nǹkan kan, ọ̀kan gba kílò 5 ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà tó sì ti gbẹ, ọ̀kan gba gíráàmù 200 ajílẹ̀, ẹ̀kẹrin gba ìdajì ìgbẹ́ àti ìdajì ajílẹ̀. A kọ orúkọ ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan sórí bébà, a ká bébà, ọmọ kékeré kan ló ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé bẹ́ẹ̀dì tó dáa fún èyí tó wù ú.

Nígbà tí a fẹ́ wọ̀n ọ́n, a fa ẹ̀fọ́ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, a gbọn iyanrìn ara rẹ̀ dànù, a sì dúró kí ìrì gbẹ lára ewé ká tó gbé e lé òṣùwọ̀n. Ẹ̀fọ́ tó tutù pẹ̀lú ìrì máa ń wúwo ju bó ṣe yẹ lọ.

Àyè kan ṣoṣo ni fọ́ọ̀mù náà ní fún oríṣi ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan. Ká ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ká pín in sí mẹ́ta, ká kọ ọ́, ó tán. Èyí tí kò gba nǹkan kan jẹ́ kílò 3.7, ìgbẹ́ adìyẹ 7.7, ajílẹ̀ 6.7, ìdajì-ìdajì 8.7. Ẹni tó bá ka ìyẹn á ní ìgbẹ́ adìyẹ ju ajílẹ̀ lọ, á sì máa sọ ọ́ kiri oko. Ẹ wá wo ohun tó wà nínú ìwé mi:

Ẹ̀bá kànga: láìsí nǹkan 5, ìgbẹ́ 9, ajílẹ̀ 9, ìdajì-ìdajì 11.
Àárín: láìsí nǹkan 4, ìgbẹ́ 8, ajílẹ̀ 8, ìdajì-ìdajì 10.
Ìsàlẹ̀: láìsí nǹkan 2, ìgbẹ́ 6, ajílẹ̀ 3, ìdajì-ìdajì 5.

Ṣé ẹ rí i? Níbi méjì tí omi kì í dúró, ìgbẹ́ àti ajílẹ̀ dọ́gba bí ìbejì. Ìsàlẹ̀ nìkan ni ajílẹ̀ ti ṣubú, òun náà ló sì fa gbogbo kílò kan tó wà láàárín àwọn méjèèjì nínú fọ́ọ̀mù. Níbẹ̀ kan náà ni ìdajì-ìdajì tó ń borí lókè ti wá rẹlẹ̀ sí ìgbẹ́. Mo da ojú ewé yẹn kọ, mo mú un lọ. Ẹni tó gbà á ní fọ́ọ̀mù ò ní àyè fún ìwé mìíràn. Mo ní kó ṣàánú mi, kó fi pín-ìnnì há a mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó há a, àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá ẹnì kan yóò ṣí i.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣẹ́rì

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Èrò tèmi ni pé kí ẹ yọ ìsàlẹ̀ kúrò pátápátá. Omi ló bà á jẹ́, kì í ṣe ajílẹ̀. Tí ẹ bá yọ ọ́, ìgbẹ́ á jẹ́ 8.5, ajílẹ̀ náà 8.5, ìdajì-ìdajì á jẹ́ 10.5, ọ̀rọ̀ á sì mọ́ gaara. Ẹ tún yí i sí tọ́ọ̀nù lórí hẹ́kítà kan, torí bí àwọn ọ́fíìsì ṣe ń kà á nìyẹn. Kò le rárá: níwọ̀n bí bẹ́ẹ̀dì yín ti jẹ́ mítà 5 sí 1, ẹ kàn sọ kílò di ìlọ́po méjì. Kílò 9 di tọ́ọ̀nù 18.

Ẹlẹ́ja Ẹ̀gbẹ̀dá

Ọ̀rọ̀ yìí bá tèmi mu gan-an. Mo ní táńkì ẹja àrọ̀ méjì lẹ́yìn ilé. Mo fi oúnjẹ ilé iṣẹ́ kan bọ́ ọ̀kan, mo fi èyí tí a lọ̀ fúnra wa bọ́ èkejì. Oúnjẹ ilé iṣẹ́ ló mú kí ẹja sanra jù. Ṣé ọ́fíìsì kan náà ni mo máa kọ ọ́ sí, àbí ti ẹlẹ́ja yàtọ̀? Fọ́ọ̀mù wo ni mo máa gbà?

Bàbá Oko-Ọba

Ọmọ mi, Ìyá Ìbejì, ọpẹ́ ni fún ìwé tí o há mọ́ ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù yẹn. Iṣẹ́ ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tiwa, àwọn òṣìṣẹ́ wa máa ń bá àwọn onímọ̀ ìwádìí jókòó lóṣooṣù láti yẹ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóko wò, ohun àkọ́kọ́ tí onímọ̀ ìwádìí sì máa ń bèèrè ni iye tí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan mú wá. Tí ẹni tó lọ ìpàdé bá mú ẹyọ nọ́mbà kan lọ, kò sí ohun tí wọ́n lè bá a fà yọ nínú rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́, mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n má yọ ìsàlẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ewúrẹ́ ló wọ bẹ́ẹ̀dì ajílẹ̀ nìkan, tó jẹ ẹ́, a máa yọ ọ́, a ó sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Èyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Omi dúró lórí bẹ́ẹ̀dì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bákan náà, ojú wọn rí ohun kan náà, nítorí náà a lè fi wọ́n wé ara wọn. Báwo ni àgbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ yóò ṣe mọ̀, bí a bá yọ ibi tó jọ tirẹ̀? Á ra ajílẹ̀, á fọ́n ọn, omi á gbé owó rẹ̀ lọ.

Ohun tí mo fura sí nìyí. Ajílẹ̀ oníkóró máa ń yọ́ kíákíá. Nínú iyanrìn, òjò ńlá lè fọ oúnjẹ inú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ kọjá ibi tí gbòǹgbò tẹ̀tẹ̀ dé, níbi tí omi bá sì dúró sí, díẹ̀ tún ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Ìgbẹ́ adìyẹ kì í tú oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń tú u. Ṣùgbọ́n ìfura ni. Omi tó dúró tún máa ń fún gbòǹgbò lọ́rùn, ó sì lè jẹ́ pé ìgbẹ́ kàn jẹ́ kí ilẹ̀ mí dáadáa ni. Ìyá Ìbejì, báwo ni ewé bẹ́ẹ̀dì ajílẹ̀ ìsàlẹ̀ ṣe rí kí ẹ tó fà á? Ibo ló ti kọ́kọ́ pọ́n, ewé ìsàlẹ̀ ni àbí ewé orí?

Ti tọ́ọ̀nù náà, ìṣirò rẹ dáa, akẹ́kọ̀ọ́, àmọ́ kò sí àgbẹ̀ Ọ̀jọ́ tí hẹ́kítà rẹ̀ jẹ́ kìkì bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀nà tí à ń gbà bomi rin ń kó? Tí ọ̀nà bá jẹ ìdá mẹ́ta ilẹ̀, tọ́ọ̀nù 18 yẹn di 12. Kí Ìyá Ìbejì kọ kílò bẹ́ẹ̀dì àti ìwọ̀n bẹ́ẹ̀dì, kí ó sì fi tọ́ọ̀nù sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣírò rẹ̀.

Ẹlẹ́ja, táńkì kan sí oúnjẹ kan kò tó. O ò lè mọ̀ bóyá oúnjẹ ló mú kí ẹja sanra ni tàbí táńkì. Ṣé oòrùn kan náà ló ń pa méjèèjì?

Ẹlẹ́ja Ẹ̀gbẹ̀dá

Rárá o, ọ̀kan wà lábẹ́ igi máńgòrò. Ṣùgbọ́n ẹja ibẹ̀ ló kéré, oúnjẹ wa ló sì jẹ. Mo ṣì rò pé oúnjẹ ni.

Ìyá Ìbejì Ọ̀jọ́

Bàbá, ẹ ṣeun sà. Ewé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ pọ́n, orí rẹ̀ ṣì tutù. Ti èyí tí kò gba nǹkan kan náà rí bẹ́ẹ̀, ó kàn le jù ni. Ti bẹ́ẹ̀dì ìgbẹ́ kò pọ́n tó bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi kan náà ló dúró lé wọn.

Bàbá Oko-Ọba

Ó dára. Bí ewé àgbà bá ṣáájú pọ́n, ó jọ pé náítírójìn ló tán lára rẹ̀, torí ewéko máa ń gbé e kúrò lára ewé àgbà fún ewé tuntun. Ìyẹn ti ìfura mi lẹ́yìn, kò sì tíì parí ẹjọ́ náà. Ní ọjọ́ iwájú, tí ẹ bá rí ìpọ́n bẹ́ẹ̀, ẹ ya igun kékeré kan sọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe inú bẹ́ẹ̀dì tí ẹ máa wọ̀n, kí ẹ fọ́n ajílẹ̀ díẹ̀ sí i. Bí àwọn ewé tuntun ibẹ̀ bá jáde dúdú mìnìjọ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ebi ló ń pa á. Bí kò bá yí padà, ọ̀rọ̀ gbòǹgbò ni.

Aláròóbọ̀ Ìyànà-Ìbà

Ẹ máa bínú sí mi, ẹ̀yin àgbẹ̀. Èmi ni mo ń ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ yín. Mi ò ra kílò rí láyé mi. Mo máa ń dúró létí bẹ́ẹ̀dì, mo á wo bí ewé ṣe fẹ̀ àti bó ṣe dúdú, mo á dá iye lé odindi bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì tó wúwo tí ewé rẹ̀ ti ń pọ́n, mi ò lè san owó gidi lé e, torí àwọn oníbàárà mi á fi í sílẹ̀ lórí àtẹ. Kí ló dé tí fọ́ọ̀mù yín kò bèèrè iye tí wọ́n ta á? Ẹ̀fọ́ ìgbẹ́ sì máa ń pẹ́ kó tó rọ nínú apẹ̀rẹ̀, ojú mi ló rí i.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣẹ́rì

Ìyá, ẹ wọ̀n ìyẹn? Ẹ̀fọ́ tí wọ́n fà láàárọ̀ àti èyí tí wọ́n fà lọ́sàn-án ò lè rọ bákan náà, ohun yòówù tí wọ́n ì bá fi sí i.

Aláròóbọ̀ Ìyànà-Ìbà

Mi ò wọ̀n ọ́n. Mo ń tà á ni.

Ìyá Ìbejì Ọ̀jọ́

Iye tí wọ́n dá lé bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé mi, ìyá. Ti ajílẹ̀ ìsàlẹ̀ kò tó ìdajì ti ìgbẹ́ ìsàlẹ̀. Màá fi kún un, màá sì kọ iye tí a ra ìgbẹ́ àti ajílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú owó ẹni tó ru ìgbẹ́ wọ oko, torí ìyẹn ni ẹnu àgbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé.

Èyí tó kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò: lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo la fọ́n gíráàmù 200 yẹn. Mo fẹ́ fi bẹ́ẹ̀dì karùn-ún kún un, kó gba 100 nígbà tí a bá gbìn ín àti 100 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ní kí a fi èyí tí kò gba nǹkan kan sílẹ̀ kí àyè lè gba á, wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì àfiṣòfò ni.

Bàbá Oko-Ọba

Ẹ má yọ èyí tí kò gba nǹkan kan. Òun ló jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ajílẹ̀ ìsàlẹ̀ fi kílò kan péré lé ilẹ̀ lásán, nígbà tó fi mẹ́rin lé e lókè. Tí àyè bá há, ìdajì-ìdajì ni kí ẹ yọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣẹ́rì

Bàbá, mo bẹ̀ yín, ìdajì-ìdajì ló mú ẹ̀fọ́ wá jù lókè. Kí wọ́n kúkú fi díẹ̀ lára ẹ̀gbẹ́ oko kún un, kí bẹ́ẹ̀dì jẹ́ márùn-ún ní ibi kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n sì wá ibi ìsàlẹ̀ kejì, torí ẹyọ kan ni wọ́n ní.

Ìyá Ìbejì Ọ̀jọ́

Ibi ìsàlẹ̀ kejì wà, àmọ́ ti ẹnì kan tí kò sí nínú ẹgbẹ́ ni. Màá lọ bá a lọ́jọ́ Sátidé. Bó bá kọ̀, ìsàlẹ̀ wa náà la máa pín sí méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bàbá lè sọ pé ibì kan ṣoṣo ṣì ni.

Bàbá Oko-Ọba

Ibì kan ṣoṣo ni. Lọ bá ọkùnrin náà.