Ṣé «ìpín onímèjì» ni ìbéèrè gílóòbù yìí?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè inú fọ́tò tí mò ń túmọ̀ nìyí: "Gílóòbù 20 wà nínú àpótí, 4 nínú wọn ti jó. Wọ́n mú 5 láìwò. Kí ni ìṣeéṣe pé 2 péré ló ti jó?" Etí fọ́tò gé díẹ̀. Ṣé kí n pè é ní «ìpín onímèjì», ìyẹn binomial distribution lédè Gẹ̀ẹ́sì, kí n sì fi ìlànà rẹ̀ ṣe é?

Atúmọ̀ èdè: Bẹ́ẹ̀ ni. Gílóòbù kan á ti jó tàbí kó má jó, kò sí ẹ̀kẹta. Ẹ mú n, iye gílóòbù tí wọ́n mú, ní 5, kí ẹ sì mú p, ìṣeéṣe pé ọ̀kan ti jó, ní 4/20 = 0.2:

10 × 0.2² × 0.8³ = 0.2048

Olùkọ́ ìṣirò: Àbúrò, ìṣirò yẹn ò ní àṣìṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ìbéèrè yìí. Gílóòbù àkọ́kọ́ nìkan ni 0.2 dájú fún. Bí ó bá ti jó, 3 ló kù nínú 19, ìyẹn nǹkan bí 0.158. Bí kò bá jó, ó di 4 nínú 19, nǹkan bí 0.211. Èyí tí a kọ́kọ́ mú ti yí ìṣeéṣe èyí tó tẹ̀ lé e padà, ìlànà onímèjì kò sì gba ìyẹn láyè.

Ọ̀nà tí a lè gbà mú ni kí ẹ kà. A lè mú 2 nínú 4 tó ti jó ní ọ̀nà 6, kí a sì mú 3 nínú 16 tó dára ní ọ̀nà 560. Ọ̀nà 15504 ló wà láti mú 5 nínú 20.

6 × 560 ÷ 15504 ≈ 0.2167

Ẹ tún wo etí fọ́tò yẹn dáadáa. Bí «wọ́n ń dá a padà kí wọ́n tó mú òmíràn» bá wà níbẹ̀, 0.2048 ló tọ̀nà.

Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ̀yin àgbà, mo ka ọ̀nà bí ẹ ṣe ní kí a kà á, 0.2487 ni mo rí.

Olùkọ́ ìṣirò: 2, 3 àti 4 lo kó pọ̀. «Ó kéré tán 2» nìyẹn. «Péré» ni ìbéèrè sọ.

Atúmọ̀ èdè: Mo gbà, ẹ̀gbọ́n. Bí gílóòbù bá jẹ́ 2000, tí 400 sì ti jó ńkọ́?

Olùkọ́ ìṣirò: Ìyẹn yàtọ̀. Mímú 5 nínú 2000 kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí 0.2 padà rárá, ẹ lè lo onímèjì. Èyí tí ẹ mú kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Nínú ìbéèrè gílóòbù 20 yìí, ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Orúkọ «onímèjì» gan-an ló ń ṣini lọ́nà, torí méjì nìkan ló ń tọ́ka sí. «Onímèjì aláìyí» ni mo fara mọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rántí pé p kì í yí.

Atúmọ̀ èdè: «Aláìyí» ò sọ pé iye ìgbà tí a ó mú ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń ju dáìsì lúdò títí 6 á fi jáde, p tiẹ̀ náà kì í yí, síbẹ̀ kì í ṣe onímèjì.

Olùkọ́ ìṣirò: Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a ṣì máa wá a.

Olùbéèrè: Màá ní kí wọ́n tún fọ́tò náà yà.