Níbo ni nǹkan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó ọjọ́ ogbó mi ń gbà lọ?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye. Aránṣọ ni mí ní Kétu. Mo fẹ́ fi mílíọ̀nù 1 owó sẹ́fà sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá èèyàn fi owó ṣòwò, kí n má fọwọ́ kàn án fún 30 ọdún. Ká ní ó ń jèrè 6 nínú 100 lọ́dún. Wọ́n ní àwọn á máa yọ 2 nínú 100 gbogbo owó náà lọ́dọọdún, ì báà jèrè, ì báà má jèrè. Ó ku 4 nìyẹn.

Àbúrò mi tó jẹ́ olùkọ́ bá mi ṣírò rẹ̀. Tí wọn kò bá yọ nǹkan kan, yóò di bíi 5,743,000. Tí wọ́n bá ń yọ ọ́, 3,243,000 péré. Àyà mi já. Síbẹ̀, àpapọ̀ ohun tí wọ́n yọ kò ju bíi 1,120,000 lọ! Àbúrò mi ní owó tí wọ́n yọ kò lè bímọ fún mi mọ́: 20,000 ti ọdún kìíní nìkan ìbá di bíi 108,000. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́?

Ilé-iṣẹ́ mìíràn ní 0.5 ni àwọn ń gbà. Ǹjẹ́ wọ́n lè fi owó ìwọlé tàbí owó ìjáde gba ìyókù padà? Ibo ni kí n wò nínú ìwé àdéhùn wọn?