Ta ni ó ti lo ẹpipẹ́ẹ̀nì rí fún ẹni tí ara rẹ̀ kọ oúnjẹ?

Ọmọ Ìtòkú: Ẹ kú ilé o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ara rẹ̀ kì í gba ẹ̀pà ń bọ̀ wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa ní Abẹ́òkúta, ìyá rẹ̀ sì ní ẹpipẹ́ẹ̀nì méjì ni yóò gbé wá, abẹ́rẹ́ tí ó dà bíi kálámù tí wọ́n fi ń gún ẹni tí oúnjẹ bá fẹ́ pa. Ẹni tí ó bá ti lò ó rí, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹ ṣe mọ̀ pé àsìkò tó láti gún un?

Ìyá Ìbejì Adìgbẹ́: Ó ṣojú mi níbi ìgbéyàwó kan ní Òkè-Ìlẹ̀wọ̀. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi jẹ mọ́ínmọ́ín, kò mọ̀ pé wọ́n lọ edé sí i. Kò pẹ́ tí ètè rẹ̀ fi wú, tí ara rẹ̀ sú, tí ó ń wúkọ́, tí ohùn rẹ̀ sì há. Àwọn kan ti ń wá Píríténì, àwọn kan ń pariwo epo pupa, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó yọ ìdérí búlúù ẹpipẹ́ẹ̀nì rẹ̀, ó ti orí olómi-ọsàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìta itan rẹ̀ láti orí ìró, ó dún pá, ó sì dì í mú níbẹ̀ títí ó fi ka ení, èjì, ẹ̀ta. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ohùn rẹ̀ ti ń là.

Bàbá Lafẹnwá: Epo pupa ni wọ́n fi wò wá, a kò kú. Píríténì náà sì ń ṣiṣẹ́, èmi fúnra mi jẹ́rìí sí i.

Nọ́ọ̀sì Afẹ̀yìntì: Bàbá, ẹ jàre ní ìdajì. Tí ó bá jẹ́ ara yíyún nìkan, Píríténì yóò ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n oògùn tí a gbé mì lè tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì lè ṣí ọ̀fun tí ó ti ń dí tàbí kí ó gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tí ó ti já sílẹ̀ dìde. Epo pupa ní tirẹ̀ lè há ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ wú lọ́nà èémí. Ọmọ Ìtòkú, tí mímí bá nira, tí ohùn bá yí padà, tàbí tí òòyì bá ń kọ́ ọmọ náà lẹ́yìn tí ó jẹ ẹ̀pà, ẹ gún un lójú ẹsẹ̀, kódà bí ara rẹ̀ kò bá sú rárá.

Káyọ̀dé: Ṣé láti orí ṣòkòtò jíńsì náà ni?

Ìyá Ìbejì Adìgbẹ́: Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹ rí i pé kò sí kọ́kọ́rọ́ tàbí fóònù nínú àpò níbẹ̀.

Káyọ̀dé: Ìdí ni wọ́n máa ń gún wa ní tiwa.

Nọ́ọ̀sì Afẹ̀yìntì: Ọ̀rá pọ̀ ní ìdí, oògùn kì í tètè wọ inú ẹ̀jẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹran àárín itan ní ìhà ìta ni ó yá jù. Ẹ má sì fi àtàǹpàkò lé orí kálámù náà, nítorí ẹni tí ó bá dì í mú lódìlódì yóò gún ara rẹ̀.

Táyọ̀ Oníkọ́ Fée: Ìnhélà mi ń ṣí èémí mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣé n kò lè fún ọmọ náà níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Afẹ̀yìntì: Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni, kì í ṣe dípò rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Adìgbẹ́: Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí ara tù ú, ó fẹ́ dìde lọ bá wọn jó! Ọkọ rẹ̀ kọ̀, ó ní kí ó dùbúlẹ̀, ó fi ìrọ̀rí gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, wọ́n sì gbé e dé inú ọkọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ó ṣì wà ní ilé ìwòsàn, ara rẹ̀ tún sú, èémí rẹ̀ sì ń dún bíi fèrè. Àwọn dókítà ni ó tún un gún.

Bàbá Lafẹnwá: Oògùn náà kò dára nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Afẹ̀yìntì: Ó dára, sà, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lára, ìdààmú náà sì lè padà lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lọ sí ilé ìwòsàn bí ara tilẹ̀ ti yá. Tí kò bá sì sí ìyípadà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ẹ lo èkejì. Dídìde lójijì léwu púpọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè ṣàn sí ẹsẹ̀ kí ọkàn má rí èyí tí yóò fi ṣiṣẹ́. Ẹni tí èémí ń dà láàmú lè jókòó, kí ó na ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má rìn.

Káyọ̀dé: Wákàtí mélòó ni wọ́n yóò dá a dúró? Owó ilé ìwòsàn kì í ṣe eré o.

Nọ́ọ̀sì Afẹ̀yìntì: Ó yàtọ̀. Ẹlòmíràn lè lo wákàtí mẹ́fà, ẹni tí ó gba abẹ́rẹ́ méjì sì lè sùn síbẹ̀.

Káyọ̀dé: Èmi kò ní sùn síbẹ̀ tí ara mi bá ti yá.

Ìyá Ìbejì Adìgbẹ́: Ìyàwó rẹ ni kí o sọ bẹ́ẹ̀ fún.

Ọmọ Ìtòkú: Mo dúpẹ́. Kìlógíráàmù 19 ni ọmọ náà. Ṣé kí n tọ́jú kálámù náà sínú fíríìjì nítorí ooru?

Nọ́ọ̀sì Afẹ̀yìntì: Rárá, kì í ṣe fíríìjì, kì í sì í ṣe inú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Ẹ wo ojú gíláàsì ara rẹ̀: tí oògùn náà bá ti pọ́n bíi tíì, ẹ wá òmíràn. Fún ìwọ̀n tirẹ̀, ti ọmọdé, mìlígíráàmù 0.15, ni ó yẹ kí ìyá rẹ̀ gbé wá.

Bàbá Lafẹnwá: Ẹ kúkú kó ẹ̀pà kúrò nínú ilé.

Ọmọ Ìtòkú: Bàbá, a ti kó o. Gúgúrú àti ẹ̀pà tí àwọn ará àdúgbò yóò máa fi ta á lọ́rẹ ni ó ń bà mí lẹ́rù.