Ìròyìn ìkẹyìn lórí àwọn fídíò ìwàásù

Ìbéèrè Pásítọ̀: "Èwo ni wọ́n wò jù, kí sì ni ká gé tẹ̀ lé e?"

Ẹ káalẹ́, Dádì. Èyí ni èsì àwọn fídíò kéékèèké tí a gé láti inú ìwàásù yín.

Ti ìdámẹ́wàá ni wọ́n ṣí jù, àmọ́ ti ìdáríjì ló ṣe dáadáa jù. Lórí Yútúùbù, "Average percentage viewed" rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n fídíò tí ẹnì kan sábà ń wò, jẹ́ 81%; ti ìdámẹ́wàá kò ju 34% lọ. Àríyànjiyàn ló kó èrò wá síbẹ̀, wọn ò dúró gbọ́ àlàyé. Ti ìdáríjì gùn tó ìṣẹ́jú àáyá 42, ìbéèrè yín ló sì fi bẹ̀rẹ̀: "Ta lẹ ò tíì dárí jì?"

Ti Rúùtù ló dùn mí. Ìkíni àti "ààmín" gba ìṣẹ́jú àáyá 9 àkọ́kọ́, ibẹ̀ gan-an ni ìlà "Audience retention", tó ń fi iye àwọn tó ṣì ń wò hàn, ti já wálẹ̀. Díákónì ní orin abẹ́ ló fà á. Lóòótọ́, orin náà bo ohùn yín lápá ìparí, àmọ́ ọ̀pọ̀ ti lọ kó tó dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tún ti Rúùtù gé láti 0:09, ká sì dín orin kù. Lẹ́yìn náà, ká gé 18:20 sí 19:05 nínú ìwàásù Sunday tó kọjá, níbi tí ẹ ti bá àwọn ọkọ wí. Kí àkọlé ọ̀rọ̀ wà láàárín, torí bọ́tìnì Yútúùbù máa ń bo ìsàlẹ̀ fídíò.

Bóyá ká fi Gẹ̀ẹ́sì kún àkọlé ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀yin lẹ máa sọ.